Yíyàn àti títò: akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún láti ìjọba ìbílẹ̀ 18

Ìbéèrè

Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mẹ́fà-mẹ́fà ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan: Àríwá, Àárín àti Gúúsù. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan rán akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí Alágbàká ní Àkúrẹ́. Márùn-ún nínú wọn ni wọn yóò mú fún ìdíje ìṣirò.

(a) Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà mú wọn bí kò bá sí òfin kankan?

(b) Bí ẹkùn kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ ní ọmọ kan, ó kéré tán, ńkọ́?

(d) Bí òfin (b) bá ṣì dúró, àmọ́ tí ọmọ Àkúrẹ́ Àríwá àti ọmọ Àkúrẹ́ Gúúsù kò gbọdọ̀ jọ wọlé?

(e) Àwọn tí a mú ní (b) fẹ́ jókòó sórí àga márùn-ún tí a tò sí ìlà kan. Ọmọ ẹkùn kan náà kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà yàn wọ́n kí a sì tò wọ́n?

Ìdáhùn

(a) A kò ka ẹni tí a kọ́kọ́ pè sí, nítorí náà yíyàn lásán ni: C(18,5) = 8568.

(b) Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pàdánù máàkì. Wọ́n á ní: "Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, 6 × 6 × 6, kí a wá mú méjì nínú 15 tó kù, C(15,2) = 105." Wọ́n á sì rí 216 × 105 = 22680. Ẹ fi wé (a): gbogbo yíyàn tó wà láyé yìí kò ju 8568 lọ! Báwo ni èyí tí òfin dè ṣe wá pọ̀ ju èyí tí òfin kò dè?

Ohun tó fà á ni pé wọ́n ka ẹgbẹ́ kan náà léraléra. Ká ní ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ọmọ Ọ̀sẹ́ wọlé láti Àríwá. Ìṣirò yẹn kà á nígbà tí ọmọ Ọ̀wọ̀ jẹ́ "ẹni àkọ́kọ́", ó sì tún kà á nígbà tí ọmọ Ọ̀sẹ́ jẹ́ "ẹni àkọ́kọ́". Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni.

Ẹ jẹ́ kí a pín in bó ṣe yẹ. Bí ẹkùn mẹ́ta yóò bá ní márùn-ún, tí kò sí èyí tó máa ṣófo, ọ̀nà méjì péré ló wà.

Mẹ́ta, ọ̀kan, ọ̀kan: a yan ẹkùn tó máa mú mẹ́ta wá, ọ̀nà 3. Lẹ́yìn náà, C(6,3) × 6 × 6 = 720. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3 × 720 = 2160.

Méjì, méjì, ọ̀kan: a yan ẹkùn tó máa mú ẹyọ kan wá, ọ̀nà 3. Lẹ́yìn náà, C(6,2) × C(6,2) × 6 = 15 × 15 × 6 = 1350. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4050.

Àpapọ̀: 2160 + 4050 = 6210.

Ẹ tún wo 22680 yẹn. Ó ka ẹgbẹ́ mẹ́ta-ọ̀kan-ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ka méjì-méjì-ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí 2 × 2 = 4. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́: 3 × 2160 + 4 × 4050 = 22680.

(d) Kí orúkọ má tàn yín: ẹkùn Àárín ni Àkúrẹ́ méjèèjì wà. Ó rọrùn jù láti ka ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ wọlé, kí a sì yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá ti wọlé, ó ku mẹ́ta, Àríwá àti Gúúsù kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Ẹnì kan-kan láti ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 4 × 6 × 6 = 144 (ọmọ mẹ́rin ló ṣẹ́kù ní Àárín). Méjì láti Àríwá, ọ̀kan láti Gúúsù: 15 × 6 = 90. Òdì-kejì rẹ̀: 90. Àpapọ̀ 324.

6210 − 324 = 5886.

(e) Ìjókòó kò rí bákan náà fún irú ẹgbẹ́ méjèèjì, nítorí náà ẹ má ṣe fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ 6210 di púpọ̀.

Mẹ́ta-ọ̀kan-ọ̀kan: kí àwọn mẹ́ta má baà fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, àga 1, 3 àti 5 nìkan ni wọ́n lè jókòó sí. Ìyẹn jẹ́ 3! × 2! = 12.

Méjì-méjì-ọ̀kan: gbogbo ìtò jẹ́ 5! = 120. Bí a bá so ọmọ méjì ẹkùn kan pọ̀ bí ẹnì kan, 2 × 4! = 48; ẹkùn kejì náà, 48. Àmọ́ ìtò tí ẹkùn méjèèjì ti so pọ̀ ti di yíyọ lẹ́ẹ̀mejì, a ní láti dá a padà lẹ́ẹ̀kan: 2 × 2 × 3! = 24. Ó ku 120 − 48 − 48 + 24 = 48.

2160 × 12 + 4050 × 48 = 25920 + 194400 = 220320.