Lẹ́tà sí Kíláàsì SS 2 lórí Yíyan Àkọlé Iṣẹ́ Ìwádìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òbí yín. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lọ́jọ́ Ajé, olúkúlùkù yín yóò ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ìlú Ìbàdàn ní sáà yìí. Àkọlé márùn-ún tí mo rò pé apá yín yóò ká nìyí.

Èkíní ni omíyalé Odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òun ni ó wù mí jù, n kò ní fi bò. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà kò tíì darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó ṣì lè nawọ́ sí ibi tí omi dé lára ògiri ilé wọn. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí ó ṣojú wọn, kí ẹ sì ṣàlàyé bí pàǹtí tí a ń dà sódò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà àgbàrá ṣe ń mú kí omi ya wọ̀lú. (Ẹ má lọ sí etí odò náà lásìkò òjò o.)

Èkejì ni aṣọ òkè ní Ọjà Ọjẹ́: bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń mọ ẹtù yàtọ̀ sí sányán àti àlàárì. Ẹ̀kẹta ni Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, àti ohun tí owó kòkó ṣe fún ìlú. Ẹ̀kẹrin ni Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kú ní ọdún 1874. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni yóò sáré mú èyí nítorí eré orí ìtàgé tí ẹ ti wò, ṣùgbọ́n eré kì í ṣe ẹ̀rí; iṣẹ́ yín ni láti ya ohun tí òǹkọ̀wé fi dárà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìtàn sọ. Ẹ̀karùn-ún ni oríkì agboolé yín. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ bá ṣì ń ki ọmọ láràárọ̀ ni kí ó mú un.

Ẹ má fi bí àkọlé ṣe dún tó yàn án. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan kó gbogbo ogun Ìbàdàn sínú ojú ewé mẹ́jọ, ogun kankan kò sì rí àlàyé gidi gbà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni n ó lọ bá sọ̀rọ̀? Ṣé owó ọkọ̀ mi yóò gbé mi dé ibẹ̀, kí n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú? Ṣé mo lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ohun tí mò ń wá? Bí ìdáhùn kan bá ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ wo àkọlé mìíràn.

Ẹni márùn-ún péré ni mo fẹ́ lórí àkọlé kan. Ẹ kọ àkọlé, ìbéèrè yín àti ẹni méjì tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ sínú ìwé, kí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi ni,
Olùkọ́ Èdè Yorùbá yín