Ìlẹ̀kẹ̀ Ràfíátù

Ràfíátù mọ àwòrán yà kó tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín. Nígbà tó parí ìsìnrúùlú, tó rí i pé owó iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní Táńkẹ́ kò ní í ju owó ọkọ̀ àlọ-àbọ̀ lọ, ó kó àjọ rẹ̀, ó di Ọjà Ọba. Ó ra kírísítà, ó ra ìlẹ̀kẹ̀ oníke tó pupa bí ẹni pé iyùn gidi ni, ó ra ìkọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti okùn ìpẹja. Ó tẹ́ aṣọ òkè sábẹ́ fèrèsé, ó to ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ó yà á. Ká sọ tòótọ́, àwòrán náà dùn ún wò. Ó gbé e sórí Ínsítágíráàmù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé e káàkiri Wasáàpù.

Alhájà kan láti Ọ̀fà ló kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe yìgì. Ó fẹ́ ti ìyàwó ní ìlà mẹ́ta, ó sì fẹ́ mẹ́wàá fún àwọn ẹbí.

“Ẹ ti rí i gbà mà!” ni Ràfíátù fi fèsì, kò tiẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán. Kò bi í bí ọrùn ìyàwó ṣe tó. Kò béèrè irú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Àsansílẹ̀ ńkọ́? Ojú ń tì í láti béèrè owó lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Okùn ìpẹja tán nígbà tó ku ti ìyàwó nìkan. Ilẹ̀ ti ṣú, ọjà ti tú. Ó wo òwú ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sín in. Ta ni yóò tú u wò? Ó kó gbogbo rẹ̀ fún awakọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ yìgì, fọ́tò ló kọ́kọ́ wọlé: lẹ́ẹ̀sì funfun tí ọrùn rẹ̀ pọ́n yípo. Òógùn ti bọ́ àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Ìyàwó ń jó wọlé, wọ́n ń ná an lówó, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, òwú já. Kírísítà tú sílẹ̀ pẹẹrẹpẹ. Bàbá kan tó di owó tuntun mọ́wọ́ tẹ ọ̀kan, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á, ẹnì kan sì ń pariwo lẹ́yìn pé, “Ẹ má tẹ̀ ẹ́, owó ni!” Owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì san.

Alhájà kò bú u. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi ránṣẹ́: “Ràfíátù, aṣọ mẹ́rin ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ ná, ká sọ ti lẹ́ẹ̀sì.”

Ràfíátù padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà fún un. Ìyẹn ní, “Ṣé o bi mí bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí ni?”

Ìyá Àgbà ló ní kó kó èyí tó kù wá. Agbo ilé tí wọ́n ti ń ṣe lántànà ni wọ́n bí i sí, òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin ń fi ọwọ́ lọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu ihò sí, kí ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun tó lé e kúrò lọ́jà.

“Ki òwú bọ kírísítà yìí. Máa fà á síwá-sẹ́yìn.”

Kò pẹ́ tó fi já.

“Ṣé o rí i? Ẹnu ihò rẹ̀ mú. Kì í ṣe ijó ló já a. Tó o bá sì ta kókó láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ni ì bá bọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Gbé pupa yẹn wá.” Ó ní kó rẹ òwú funfun sínú omi ọṣẹ, kó fi nù ún. Òwú pọ́n. “Ọjà ló yẹ kó o ti ṣe eléyìí, kó o tó sanwó.”

Díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó lẹ́ẹ̀sì náà. Ó ta fóònù tó fi ń ya àwòrán, ó ra èyí tó kéré, owó tó ṣẹ́ kù bọ́ sínú gbèsè. Ó ra wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ike bò fún kírísítà. Àwòrán tuntun tó gbé jáde kò dán tó ti tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ike ni tàbí gíláàsì, nítorí iyùn gidi kì í ṣe ohun tí apá rẹ̀ ká.

Obìnrin kan láti Òmù-Àrán ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ márùn-ún, kíákíá.

“Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ fi okùn wọn ọrùn ẹni kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé okùn náà lé rúlà, kí ẹ kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ ya aṣọ náà lójúmọmọ kí n rí àwọ̀ rẹ̀. Ìdajì owó ló ń ṣíwájú mà.”

“Ọmọ yìí, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ lò ń tà ni àbí aṣọ lò ń rán?”

“Ìlẹ̀kẹ̀ ni mà. Mo ń retí ọrùn márààrún.”