Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìbejì!

Ẹ bá mi kí Arábìnrin Fọláṣadé, Ìyá Ìbejì tiwa. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn ni yóò máa bójú tó yàrá òtútù tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pamọ́ sí, níbí n'Íbàdàn. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló ń dúró de ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde, títí dé Ṣakí àti Kíṣí lọ́hùn-ún. Inú mi dùn kọjá àfẹnusọ.

Ọdún mẹ́fà la jọ lò ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bódìjà. Fíríìjì abẹ́rẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn, èmi sì ni igbákejì wọn.

Mi ò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò ọdún 2022. Iná ìjọba ti lọ láti àná, jẹnẹrétọ̀ tún kọ̀ nídàájí. Gbogbo wa ń sáré kiri, máíkírà ti ń dúró níta, à ń ní kí wọ́n tètè kó abẹ́rẹ́ sí kúlà. Ìyá Ìbejì ní ká fara balẹ̀. Wọ́n to páàkì yìnyín sórí tábìlì, wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mì í létí. Àfìgbà tí wọ́n gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ ká tò ó sínú kúlà. Lójú tèmi, àkókò ń lọ. Àwọn ló là mí lójú pé yìnyín tó ṣì le gbagidi lè mú abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti mẹ́dọ̀wú dì, tó bá sì ti dì, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ì báà yọ́ padà. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà. Ọmọ tí wọ́n bá gún ní èyí tó ti bàjẹ́ á kàn jẹ̀rora lásán ni, ìyá ẹ̀ á sì gbé e relé pé ewu ti tán.

Ìgò kan ṣoṣo ò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ àjẹsára káàkiri ìpínlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹrù yín bọ́ sí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú mi. Ibi tẹ́ ẹ ń lọ á tù yín lára, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é láṣeyọrí. Ìwé òtútù tẹ́ ẹ fà lé mi lọ́wọ́ wà lórí tábìlì mi báyìí. Aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Àìkú: mi ò ní jẹ́ kí ìlà kan ṣófo.