Omi Fẹ́ Lọ

"Ọ̀kún o, Màmá." Ọ̀sán gangan ni ní Kábà, alẹ́ ti lẹ́ ní Ṣáínà. Ìyá ń ròyìn iṣu, ṣùgbọ́n ojú Dàre wà lára fọ́tò ìwé tó yà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: 今晚8点停水.

8 kò le. 水? Ara ike omi tó ń rà ló ti mọ̀ ọ́n. 停 ńkọ́? Áà, àmì ibi ìgbọ́kọ̀sí! Dúró. Omi.

Aago 7:49.

"Màmá, omi fẹ́ lọ!"

"Ní Ṣáínà náà?" Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Pọn ún kíá!"

Dàre gbé garawa, ìkòkò ìrẹsì, àní ife ìfọyín pàápàá. Ìkòkò ń kún lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó dákẹ́.