Ètò Ìkàwé Mi Lọ́sẹ̀, Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Iṣẹ́ nílé epo ní Alágbàká, Àkúrẹ́: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, aago 7 àárọ̀ sí 7 alẹ́. Kíláàsì: Àbámẹ́ta, aago 9 sí 3.

Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì: aago 5 sí 5:45 ìdájí, ìbéèrè Akáúntìn kan péré. Kí n kọ́kọ́ ṣe é láìwo ìwé, kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. N kò ní kàwé lálẹ́ rárá. Mo dán an wò ní sáà tó kọjá, orí ìwé ni mo sùn sí, tí n kò sì rántí ojú ìwé kan. Aago 9:30, mo ti gbọ́dọ̀ wà lórí ibùsùn.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ńlá mi. Aago 8 sí 10, Sitatísíìkì, nítorí òun ló le jù. Ìsinmi díẹ̀, kí n jẹun. Aago 10:30 sí 12, Ìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé. Ọ̀sán wà fún fífọ aṣọ àti Ọjà Ọba. Fóònù á wà ní yàrá kejì títí aago 12.

Àbámẹ́ta: aago 4:30 sí 5:30, àtúnkà ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Àìkú: aago 4 sí 6, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Aago 8, Màámi á pè láti Oǹdó.

Bí ọ̀gá bá yí iṣẹ́ padà, ìkàwé Ọjọ́rú á bọ́ sí ọjọ́ tí mo bá sinmi.