Agolo Ìyá Àgbà

Alẹ́ tí wọ́n rí oṣù Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá àgbà ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sínú agolo mílíìkì. Bó bá ti kírun alẹ́ tán, á mú ọ̀kan, á jù ú sídìí igi ọsàn. "Ó ku mẹ́sàn-án." Bí agolo bá ti ṣófo, ilẹ̀ tó bá mọ́ di Iléyá nìyẹn; ọjọ́ kẹta rẹ̀, Ojúde Ọba.

"Ìyá àgbà, ó wà lórí fóònù."

"Ṣé fóònù rẹ ló yọjú wòṣù ni?"

Lálẹ́ kẹfà, márùn-ún ló yẹ kó bá nínú agolo. Mẹ́rin ló bá. Ó tún un kà. Ó wá kọjú sí àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń wo àgbò bíi pé kò rí i rí.

"Mo fẹ́ kó tètè dé ni, màmá."

Òkúta náà jáde látinú àpò ṣòkòtò, èèpo ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Ó fẹ́ èèpo náà dànù, ó dá òkúta padà, ó wá mú ọ̀kan jù.

"Ó ku mẹ́rin," ó wí fún àgbò.