Kókó: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi tún àdàkọ ìró mi wò

Dókítà Adébáyọ̀, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ máàkì o.

Èmi ni Rọ́nkẹ́ Ọláwálé, ipele 200. Aṣojú kíláàsì fún mi ní iṣẹ́ àdàkọ mi lánàá: 11 nínú 25. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ máàkì o sà. Ibi 14 lẹ fi bíírò pupa yí po, ẹ ò sì kọ àlàyé sí i. Ó yé mi, a pọ̀. Mo ti fúnra mi rí àṣìṣe mi nínú púpọ̀ wọn.

Mo kọ [p] sí "pupa" àti "ìpàdé", bẹ́ẹ̀ ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń pe ìró yẹn, [k͡p] ló yẹ kí n kọ. Èyí tó tì mí lójú jù ni [j]. Màmá tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sọ pé "ó fẹ́ jẹ ẹ̀bà". Mo kọ [jɛ̄]. Ẹni tó bá ka àmì yẹn bó ṣe wà, "ó fẹ́ yẹ ẹ̀bà" ni yóò pè! [d͡ʒ] ni ǹ bá kọ. Ojú mi ń ka álífábẹ́ẹ̀tì níbi tó yẹ kí etí mi ti máa gbọ́ràn. Àmì ohùn tí mo gbàgbé ní ìlà 10, mi ò ní àwíjàre kankan.

Ibi tó rú mi lójú nìyí sà. Ọmọ Ìbàdàn ni màmá yẹn, iyán ni wọ́n ń tà ní Kubwa. Nínú ohùn náà, ní 1:12, wọ́n ní "sé o ti jẹun? Isu ló kù." Mo kọ [s] síbi méjèèjì, ẹ sì yí méjèèjì po. Mo ti fi íápíìsì gbọ́ ọ nígbà méje, [s] ni mò ń gbọ́. Bákan náà ni "iyán": ẹ ti kọ́ wa pé ìró kan náà ni "an" àti "ọn", pé kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú ló ń sọ èyí tí a ó kọ sílẹ̀. Síbẹ̀ [ã] ló ń dún létí mi lẹ́nu wọn.

Ṣé ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni kí n kọ, àbí ti Yorùbá àjùmọ̀lò? Mo rò pé nínú [ ], ohun tí ẹnu ṣe gan-an ni. Ká ní / / ni, /ʃ/ ni ǹ bá kọ. Bó bá jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ni mo ti ṣìnà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ó fi sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí ará Kàbà ni mo fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ka èdè tiẹ̀ tún yàtọ̀.

Mo so fáìlì ohùn àti àwòrán ìwé náà mọ́ ímeèlì yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá sí ọ́fíìsì, mo lè dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn aago méjì. Gwagwalada ni mo ti ń bọ̀, mi ò lè ṣèlérí òwúrọ̀.

Ẹ ṣeun sà.

Rọ́nkẹ́